Wọ́n Dá Ìwé Ìtọ́jú Padà: Kí Ni Ká Ṣe?

 

Ọ̀rọ̀ tòní, ìbéèrè kan báyìí ló bí i: "A ń san owó mútúẹ́lì ìlera wa, a kì í jẹ gbèsè. Ọmọ ṣàìsàn, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a san ìpín tiwa, a sì padà sílé. Ó pẹ́ díẹ̀, ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí wa pé mútúẹ́lì kò sanwó, pé ká wá san ìyókù. Kí ló fà á? Ṣé wọ́n ti jẹ owó wa ni?"

Nígbà mìíràn, kò sẹ́ni tó jẹ owó yín. Ìwé ló kọsẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá mọ ibi tó ti kọsẹ̀, ẹ lè gbé e dìde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ìwé náà ń gbà. Nígbà tí ẹ bá fi kàátì mútúẹ́lì hàn, ilé ìwòsàn á kọ ìwé ìtọ́jú fún aláìsàn. Orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀, nọ́ńbà kàátì, ọjọ́ tó wọlé, àìsàn tí wọ́n bá lára rẹ̀, oògùn tí wọ́n lò àti iye owó. Ní ọ̀pọ̀ mútúẹ́lì, ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ: ọ̀kan fún ilé ìwòsàn, ọ̀kan fún mútúẹ́lì, ọ̀kan fún yín. Ẹ ó san ìpín tiyín lójú ẹsẹ̀. Ìyókù, ilé ìwòsàn kò rí i gbà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á kó gbogbo ìwé ìtọ́jú oṣù náà jọ, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mútúẹ́lì. Akọ̀wé á yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà olùyẹ̀wò náà á wò ó. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, owó á jáde. Bí kò bá bára mu, ìwé á padà.

Ibẹ̀ la ti ní láti la etí wa dáadáa. Ìwé tí wọ́n dá padà yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n kọ̀. Èyí tí wọ́n dá padà ní àbùkù kan lára: nǹkan kan sọnù níbẹ̀, tàbí nǹkan kan kò tọ̀nà. Wọn ò tíì sọ pé àwọn kò ní san án. Èyí tí wọ́n kọ̀ ni wọ́n ti yẹ̀ wò tán, tí wọ́n sì sọ pé àdéhùn kò gba kí àwọn san án. Àkọ́kọ́ ń fẹ́ àtúnṣe. Ìkejì ń fẹ́ kí ẹ kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ mútúẹ́lì pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà dá. Nítorí náà, bí wọ́n bá pè yín pé ẹ wá san ìyókù, ẹ má tíì tú àpò. Ẹ bèèrè pé: "Ṣé wọ́n dá a padà ni, àbí wọ́n kọ̀ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé náà hàn mí. Kí ni mútúẹ́lì kọ sí i?" Ìdí wà lára ìwé náà, tàbí lára ìwé kékeré tí wọ́n fi mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé kà á síta.

Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀

Mo fẹ́ mú àpẹẹrẹ kan wá. Kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó o, mo tò ó jọ kó lè yé wa ni. Ká ní ìyá kan ń gbé ní abúlé kan nítòsí Kétu, gàrí ló ń tà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 4, bẹ̀rẹ̀ ibà. Ó gbé e lọ sí ilé ìlera abúlé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ibà ẹ̀fọn ni. Ṣùgbọ́n gìrì ti mú ọmọ náà, ojú rẹ̀ sì funfun nítorí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Níbẹ̀, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ atesunéètì, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ọmọ yè. Wọ́n kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún.

Owó gbogbo jẹ́ 40,000 sẹ́fà. Ká ní mútúẹ́lì tirẹ̀ máa ń san 70 nínú 100. Ìyá san 12,000 lójú ẹsẹ̀, ó ku 28,000 fún mútúẹ́lì. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2 oṣù keje, wọ́n ránṣẹ́ pè é pé kó wá san 28,000. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí mọ iye ọjà tí ẹ ó tà kí èrè yín tó tó iye yẹn.

Ìyá náà kò jà, kò sì sanwó. Ó ní kí wọ́n fi ìwé hàn òun. Nǹkan méjì ni mútúẹ́lì kọ sí i: "Kóòdù kò bá ìtọ́jú mu." "Ìwé ìfiránṣẹ́ kò sí." Ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́: kóòdù tí kò tọ̀nà

Kí ni kóòdù? Àwọn àìsàn pọ̀, èdè sì pọ̀. Kí gbogbo dókítà ayé lè pe àìsàn kan ní orúkọ kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwé kan tó fún àìsàn kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan àti nọ́ńbà. Èyí tí wọ́n ń lò káàkiri jù ni wọ́n ń pè ní CIM-10 ní èdè Faransé. Mútúẹ́lì kékeré lè máà lò ó, orúkọ àìsàn nìkan lè tó wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ìwé wò, kóòdù náà ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé ọmọ yìí. Ibà ẹ̀fọn tó le gan-an, tó sì ti dá nǹkan mìíràn sílẹ̀ nínú ara, kóòdù rẹ̀ ni B50.8. Ẹni tó kọ ìwé náà yí nọ́ńbà méjì padà, ó kọ B05.8. Ẹ lè rò pé nǹkan kékeré ni. Ṣùgbọ́n B05 ni kóòdù èèyi, àrùn tí ara ọmọ máa ń sú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní rujọ́ọ̀lù. Kọ̀ǹpútà kò bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí B05.8 náà wà nínú ìwé kóòdù. Ìgbà tó dé iwájú dókítà olùyẹ̀wò ló bèèrè pé: "Èèyi kẹ̀? Kí wá ni abẹ́rẹ́ ibà ń wá níbí?" Bí ó ṣe dá ìwé padà nìyẹn.

Àṣìṣe kan tún wà tó jọ ọ́. Dókítà lè kọ ibà lásán sí ìwé, kó sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ atesunéètì ni wọ́n lò. Abẹ́rẹ́ yẹn, ibà tó le ni wọ́n ń fi í wò. Ibà tí kò le, oògùn oníhóró ni. Olùyẹ̀wò á ní bí ibà náà kò bá le, kí ló dé tí ẹ fi gún abẹ́rẹ́? Ó sì lè jẹ́ pé ó le lóòótọ́, wọ́n kàn gbàgbé láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́tà náà máa ń ṣini lọ́nà. Kóòdù ìbímọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni O80. O tó wà níwájú yẹn, lẹ́tà ni, kì í ṣe òdo. Kóòdù ẹ̀jẹ̀ ríru ni I10, lẹ́tà I ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe oókan. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá tẹ òdo tàbí oókan, kọ̀ǹpútà kò ní mọ àìsàn náà rárá.

Nọ́ńbà kàátì náà jẹ́ kóòdù, òun gan-an ló sì wà lọ́wọ́ yín. Ní ọ̀pọ̀ mútúẹ́lì, ìdílé kan ní nọ́ńbà kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé wá ní ìparí tirẹ̀. Ká ní 0147 ni nọ́ńbà ilé: bàbá lè jẹ́ 0147-01, ìyá 0147-02, ọmọ 0147-03. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà ìyá sórí ìwé ọmọ ọdún 4, ọjọ́ orí kò ní bára mu, ìwé á padà. Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ fara balẹ̀ níbí yìí. Táíwò àti Kẹ́hìndé, ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà. Bí àwọn méjèèjì bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kan, tí wọ́n sì fi nọ́ńbà ọ̀kan kọ ìwé méjì, olùyẹ̀wò á rò pé ilé ìwòsàn ń gba owó ẹ̀ẹ̀mejì lórí ọmọ kan.

Orúkọ náà ńkọ́? Ọmọ wa kì í ní orúkọ kan. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ìwé ìbí ló wà lórí kàátì, kí ẹ má lọ pe oríkì rẹ̀ fún akọ̀wé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ náà ṣe pàtàkì: a lè kọ Àjọkẹ́ ní tiwa, kí ìwé ìjọba kọ Adjokè. Ohun tó wà lórí kàátì ni kí wọ́n kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Báwo la ṣe ń tún un ṣe? Ẹni tó tọ́jú aláìsàn, tàbí ẹni tí ilé ìwòsàn yàn fún iṣẹ́ náà, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tún kóòdù kọ. Ẹ má fi bíìkì yín fọwọ́ kan án o, kódà bí ẹ bá mọ èyí tó tọ̀nà. Wọ́n á fa ìlà kan lórí àṣìṣe náà kó ṣì ṣeé kà, wọ́n á kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á kọ ọjọ́, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi funfun pa tàbí tí wọ́n ha, ìfura ló ń mú wá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ "àtúnṣe" sórí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bí ìwé tuntun, mútúẹ́lì á rí ìwé méjì lórí ìtọ́jú kan, á sì tún dá a padà.

Ohun kan tún wà tí mo ní láti sọ. Bí mútúẹ́lì kò bá ń san owó àìsàn kan, kí ẹnikẹ́ni má bẹ dókítà pé kó kọ kóòdù àìsàn mìíràn. Ẹ̀tàn ni, kì í ṣe àtúnṣe. Wọ́n lè gba kàátì gbogbo ilé nítorí rẹ̀.

Ìkejì: ìwé tó yẹ kó wà tí kò sí

Padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Wọ́n ní ìwé ìfiránṣẹ́ kò sí, èyí tí wọ́n ń pè ní rèféráǹsì. Ọ̀pọ̀ mútúẹ́lì ló ní òfin yìí: ilé ìlera tó sún mọ́ yín lẹ ó kọ́kọ́ lọ, òun ni yóò fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí ìwé ìfiránṣẹ́ kò bá sí, ó dà bí ẹni pé ẹ fo ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìyá náà gba ìwé náà lóòótọ́. Àmọ́ lóru ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ọmọ tó ń gìrì lórí ọ̀kadà, ó fi í sínú àpò, kò sì rántí fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ti bọ́ sọnù.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Nígbà tí ilé ìlera bá kọ ìwé ìfiránṣẹ́, ó yẹ kí ẹ̀dà tàbí ìtọpa rẹ̀ kù sínú ìwé ńlá wọn. Ìyá náà padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìlera ọmọ. Wọ́n ṣí ìwé ńlá, wọ́n rí orúkọ ọmọ náà, wọ́n kọ ẹ̀dà mìíràn, wọ́n kọ "ẹ̀dà" sórí rẹ̀, wọ́n sì lu òǹtẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́ ni wọ́n kọ pé ó jẹ́ ọjọ́ ìfiránṣẹ́, wọ́n wá kọ ọjọ́ tí wọ́n fún un ní ẹ̀dà sí ìsàlẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, nítorí bí ọjọ́ ìfiránṣẹ́ bá wà lẹ́yìn ọjọ́ tí aláìsàn wọ ilé ìwòsàn ńlá, ìwé á tún padà.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì, tí ẹ gbé aláìsàn lọ tààrà sí ilé ìwòsàn ńlá, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ mútúẹ́lì ló gbà á. Ṣùgbọ́n dókítà tó gbà yín ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé pàjáwìrì ni, ẹ sì ní láti fi tó mútúẹ́lì létí láàárín wákàtí tí òfin wọn sọ. Ẹni kan nínú ilé lè lọ sọ fún aṣojú mútúẹ́lì ní abúlé nígbà tí ẹ̀yin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn.

Iṣẹ́ abẹ tó ṣeé dúró dè, bíi ìpá, yàtọ̀ síyẹn. Ó sábà máa ń gba ìwé ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ mútúẹ́lì kí wọ́n tó ṣe é. Ìwé yìí ló ṣòro jù láti tún ṣe, nítorí kò sẹ́ni tó lè gba ìyọ̀ǹda ṣáájú lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Nítorí náà, bí dókítà bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ bèèrè lọ́wọ́ mútúẹ́lì kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìwé oògùn tí dókítà kọ àti ìfọwọ́sí yín náà wà lára ohun tó máa ń sọnù. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ àtàǹpàkò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tẹ ọwọ́ sórí ìwé tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí. Kí wọ́n kọ iye owó tán, kí wọ́n kà á fún yín, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ìkẹta: ìwé tó pẹ́

Mútúẹ́lì kì í gba ìwé títí ayé. Ọjọ́ wà tí ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi ìwé oṣù tó kọjá ránṣẹ́, ọjọ́ tún wà tí àtúnṣe gbọ́dọ̀ padà dé. Ọjọ́ wọ̀nyí kò rí bákan náà níbi gbogbo, mi ò sì ní fún yín ní iye kan tí yóò ṣì yín lọ́nà. Ìwé òfin inú mútúẹ́lì yín àti àdéhùn tó wà láàárín wọn àti ilé ìwòsàn ló sọ ọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó wà nínú UEMOA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógó wà lára wọn, ṣe òfin kan lórí mútúẹ́lì ní ọdún 2009. Mútúẹ́lì gbọ́dọ̀ ní ìwé ìdásílẹ̀ àti òfin inú. Nítorí náà, ẹ ní ìdí láti sọ fún aṣojú yín pé kó mú ìwé yẹn wá sí ìpàdé, kó sì ka ọjọ́ náà síta.

Bí ẹ bá ti mọ iye ọjọ́, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń kà á. Ká ní mútúẹ́lì ìyá wa fúnni ní ọgbọ̀n ọjọ́ fún àtúnṣe. Ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ni wọ́n kọ sórí ìwé tí wọ́n dá padà. Ọjọ́ 24 ni ilé ìwòsàn gbà á. Bí a bá kà á láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé, ó parí ní ọjọ́ 20 oṣù keje. Bí a bá kà á láti ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ó parí ní ọjọ́ 24. Ìyá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù keje. Kò dúró kó wá máa jiyàn lórí ọjọ́ mẹ́rin. Ó fi ọjọ́ 20 ṣe òpin, ó sì mú àtúnṣe dé ní ọjọ́ 9.

Ọjọ́ tí mútúẹ́lì gba ìwé ni wọ́n sábà máa ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi rán ọlọ́kadà. Nítorí náà, ẹ mú ẹ̀dà kan dání. Kí ẹni tó gbà á kọ ọjọ́ sórí ẹ̀dà yín, kó buwọ́ lù ú, kó lu òǹtẹ̀. Wọ́n ń pè é ní dèṣáájì. Ẹnu lásán kò lè jẹ́rìí fún yín, dèṣáájì lè jẹ́rìí.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá ńkọ́? Ẹ wo bóyá ìwé àkọ́kọ́ dé lásìkò. Bí ó bá dé lásìkò, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ àtúnṣe, kí ẹ sì kọ ìwé kékeré sí ìgbìmọ̀ láti ṣàlàyé ohun tó fà á. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló gbàgbé ìwé sínú àpótí, ẹ ní kí mútúẹ́lì ka àdéhùn síta: ta ni yóò ru gbèsè nígbà tí ẹ̀bi kì í ṣe ti aláìsàn? Ibi tí àdéhùn bá ti dára, wọn kì í gbé e ka ọmọ ẹgbẹ́ lórí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó oṣù yín ni ẹ kò san nígbà tí àìsàn dé, kò sí àtúnṣe ìwé tó lè gbà yín.

Ẹ̀yin ará wa ní Tógó tí ẹ wà lábẹ́ AMU, ọ̀nà kan náà ni, ẹnu ọ̀nà ló yàtọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024, INAM ló ń bójú tó òṣìṣẹ́ ìjọba, CNSS ló ń bójú tó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún aládàáni. Ẹ wo èyí tó kọ kàátì yín kí ẹ tó gbé ẹjọ́ lọ.

Ìyá wa ńkọ́? Kóòdù ti di B50.8, ìwé ìfiránṣẹ́ ti wọlé, dèṣáájì ọjọ́ 9 wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìdí mọ́ fún mútúẹ́lì láti dá ìwé náà padà. 28,000 yẹn ti kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé

Ilé ìwòsàn gan-an ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe wọ̀nyí ti ń bẹ̀rẹ̀, níwájú akọ̀wé, nígbà tí ọkàn yín wà lára aláìsàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni kan bá yín lọ tí ara rẹ̀ balẹ̀. Kí ó wo nǹkan mẹ́rin. Ṣé orúkọ àti nọ́ńbà bá ti kàátì mu? Ṣé àìsàn tí wọ́n kọ bá oògùn tí wọ́n lò mu? Ṣé ìwé ìfiránṣẹ́ àti ìwé oògùn wà pẹ̀lú rẹ̀? Ṣé ẹ̀dà tiyín wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́?

Iṣẹ́ tí mo fún ẹgbẹ́ olùgbọ́ lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ mú kàátì yín wá sí ìjókòó, ẹ wo bóyá orúkọ gbogbo ọmọ bá ti ìwé ìbí mu, pàápàá ìbejì. Kí ẹ sì ní kí aṣojú mútúẹ́lì wá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ọjọ́ mélòó la ní fún àtúnṣe, láti ìgbà wo la ti ń kà á, wákàtí mélòó la ní fún pàjáwìrì? Ẹ kọ ìdáhùn náà sára ògiri ibi ìpàdé yín, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i.

Ó dàbọ̀ o. Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà.